Ìdí tí òwú kì í fi yọ́ bí ẹ̀kọ

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ǹ lẹ́ o. Ìwé bàọ́lọ́jì ọmọ mi ní gúlúkóòsì ni sítáàṣì, gúlúkóòsì náà ni sẹlulóòsì tó wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì ewéko. Kí ló wá dé tí ẹ̀kọ tó jẹ́ sítáàṣì fi ń yọ́ lẹ́nu, tí òwú tó jẹ́ sẹlulóòsì kì í yọ́? Ṣé irú ògiri kan náà ló wà lára olú àti bakitéríà? Èmi ni, láti Kàbà.”

Òkun o, àbúrò. Bí gúlúkóòsì kan ṣe di èkejì mú ni kí o wò. Nínú sítáàṣì, ojú kan náà ni gbogbo wọn kọ sí. Áfà ni wọ́n ń pe ìsopọ̀ yẹn, òun ló sì ń mú kí ẹ̀wọ̀n gúlúkóòsì náà ká bí okùn tí a lọ́ mọ́ ìka. Omi ráyè wọ inú rẹ̀, ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ráyè gé e. Bẹ́tà ni ti sẹlulóòsì: bí gúlúkóòsì kan bá kọjú sókè, èyí tó tẹ̀ lé e á kọjú sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n náà á sì gún gbọọrọ. A kò ní ẹ́ńsáìmù tó lè gé ìsopọ̀ yìí.

Gígún yẹn ni orísun agbára rẹ̀. Àwọn ẹ̀wọ̀n tó gún máa ń sùn ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí, ìsopọ̀ háídírójìn á sì so wọ́n pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ọ̀kan ṣoṣo nínú ìsopọ̀ yìí kò lágbára rárá, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n á di okùn tín-ín-rín kan tí kò fẹ̀ ju bíi nanomítà 3 lọ. Irin wúwo ju sẹlulóòsì lọ ní ìlọ́po 5, síbẹ̀ okùn yìí le ju ìdajì líle irin lọ tí a bá ń fà á kó nà.

Òwú tí àwọn obìnrin Bùnú fi ń hun aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì sẹlulóòsì, nítorí náà òun ni kí ọmọ rẹ fi dán an wò. Gé òwú ìránṣọ méjì tó gùn bákan náà, rẹ ọ̀kan sínú omi fún ìṣẹ́jú 10. So korobá kékeré mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì máa rọ omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí okùn á fi já. Èyí tó tutù ló sábà máa ń gbé ẹrù jù. Omi wọ àárín àwọn okùn tín-ín-rín yẹn, ó jẹ́ kí wọ́n rọ̀, kí gbogbo wọn jọ gbé ẹrù náà, ṣùgbọ́n kò lè wọ àárín àwọn ẹ̀wọ̀n tó sùn ti ara wọn. Bébà náà sẹlulóòsì ni, àmọ́ kò ní í dúró bó bá tutù, torí ìsopọ̀ háídírójìn láàárín fọ́nrán kan sí èkejì ló so ó pọ̀, omi sì ń gba àyè wọn.

Bí òwú tó tutù kò bá gbé jù, sun ìmú rẹ̀. Bó bá yọ́ tó di kóró líle, pọliẹ́sítà ni wọ́n tà fún ọ. Òwú gidi á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì rọ̀.

Kán áyódíìnì sí ẹ̀kọ tó ti tutù, á dúdú bí aró, torí áyódíìnì ń wọ inú ibi tí ẹ̀wọ̀n sítáàṣì ti ká. Lórí òwú, á kàn pọ́n bí omi tíì ni. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà: aṣọ tuntun àti bébà sábà máa ń ní sítáàṣì tí wọ́n fi mú un gan, àwọn náà á sì dúdú. Fi omi gbígbóná fọ aṣọ náà dáadáa kí o tó kán an. Ẹ̀kọ gbígbóná pàápàá kì í dúdú títí á fi tutù.

Ní ti olú àti bakitéríà, ìsopọ̀ bẹ́tà kan náà ló wà níbẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tó rọ̀ mọ́ gúlúkóòsì náà. Olú, èébu ara búrẹ́dì àti yíìsì ń lo káítìnì, gúlúkóòsì tí wọ́n fi ẹyọ kan tó ní náítírójìn kún. Òun náà ló wà lára èèpo edé. Ẹ̀wọ̀n gúlúkóòsì mìíràn tún máa ń yí i ká, kò dá wà.

Ti bakitéríà ni pẹpitidogiláíkáànì. Oríṣi gúlúkóòsì méjì tó jọ ti káítìnì ló ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀kan sì gbé ìdì kékeré amino ásíìdì lọ́wọ́. Ìdì yìí ló ń so ẹ̀wọ̀n kan mọ́ èkejì ní tààrà, kì í ṣe háídírójìn, tí gbogbo rẹ̀ fi dà bí àwọ̀n tó bo sẹ́ẹ̀lì. Pẹnisilíìnì ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń ta kókó yẹn lọ́wọ́. Bí bakitéríà bá ń dàgbà, àwọ̀n náà á ní ihò, omi á tú wọlé, á bẹ́.

Ìdí nìyẹn tí pẹnisilíìnì kò fi ń ran làpálàpá: olú tíntìnnín ló fà á, kò sì ní kókó kankan tí oògùn náà lè dí. Má sì jẹ́ kí orúkọ tan ọmọ rẹ jẹ. Ohun tó ń mú kí èso kòkó dúdú ní oko wa, tí wọ́n ń pè ní Fáítófítọ́rà, jọ olú lójú, wọ́n sì ń kà á mọ́ wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n sẹlulóòsì ló wà lára ògiri rẹ̀.