Ṣé kí n dín sìgá kù ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ pátápátá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá nọ́ọ̀sì. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, oyún mi ti di ọ̀sẹ̀ 11. Sìgá 10 ni mò ń fà lójúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní bí mo bá dá a dúró lójijì, yóò ṣe ọmọ inú mi ní jàǹbá, kí n kúkú dín in kù sí 3. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí ẹ bá fi sìgá sílẹ̀ lálẹ́ òní, kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ẹ̀yin ni ara ò ní rọ̀, tí inú á máa bí yín láìnídìí, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì máa ń le jù.

Ẹ̀fín sìgá ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, èyí kan náà tó ń pa àwọn tó bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé. Ó máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ inú oyún kì í sì í mí fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá gbé dé ibi-ọmọ nìkan ló ń rí lò. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ẹni tó ń fa sìgá fi máa ń fúyẹ́ ju ọmọ ẹlòmíì lọ, ní ìwọ̀n bíi gíráàmù 200, tó sì tún rọrùn kó wáyé ṣáájú oṣù rẹ̀. (Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ọmọ kékeré ni ìrọ̀rùn ìbí. Ẹ má dá wọn lóhùn.)

Ti dídín in kù yẹn, ohun tí mò ń rí rè é. Ní kíníìkì, a máa ń ní kí aláboyún fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka afẹ́fẹ́ olóró yìí. Tó bá ti tó 4, a ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin kan dín sìgá 12 kù sí 4, síbẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Ó ti ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan jinlẹ̀jinlẹ̀, títí dé ìdí, torí pé ara ń wá nikotíìnì tó ti mọ́ ọn lára. Nígbà tó wá fi í sílẹ̀ pátápátá, láàárín ọjọ́ méjì péré ni nọ́ńbà náà já wálẹ̀.

Ẹ sọ fún agbẹ̀bí yín gan-an iye tí ẹ ń fà. Ọ̀fẹ́ ni yóò fi darí yín sí ẹni tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti jáwọ́. Bí ó bá nira láìlo nǹkan kan, wọ́n lè fún yín ní bébà oníníkotíìnì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ti wákàtí 16 ni ti aláboyún: ẹ lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ẹ ṣí i kúrò kí ẹ tó sùn. Ara aláboyún tètè máa ń lo nikotíìnì tán, nítorí náà ó lè má tó, kí wọ́n fi ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ kún un. Ẹ má jẹ ìyẹn bíi ṣingọ́ọ̀mù lásán, àyà á máa ta yín; ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀, tó bá ti ń ta lẹ́nu, ẹ fi í pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn oògùn oníhóró tí wọ́n fi ń jáwọ́ kò wà fún aláboyún, kódà bí ọ̀rẹ́ yín bá ní ó ran òun lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ 11 ṣì dára. Àwọn tó jáwọ́ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 15, ìwọ̀n ọmọ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò fà rárá. Bí ọwọ́ yín bá sì ṣèèṣì kan ọ̀kan, ẹ pa á, kí ẹ má ka ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ tó ti bàjẹ́ tán.