Fáìlì àtijọ́ tí kò ṣí mọ́ lórí WhatsApp

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé àdéhùn ilẹ̀ wa ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Mo ń rí orúkọ rẹ̀, àmọ́ kò ṣí mọ́. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: WhatsApp kì í tọ́jú fáìlì sórí ẹ̀rọ tirẹ̀ títí. Ìgbà díẹ̀ ni, lẹ́yìn náà ó di orí fóònù ẹ̀yin méjèèjì. Bí ẹ kò bá tètè gbà á sórí fóònù, tàbí tí ẹ ti pa á rẹ́ nígbà tí àyè kún, orúkọ lásán ló máa kù.

Bí Android lẹ ń lò, ẹ kọ́kọ́ wo inú Files:

```
Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Media/WhatsApp Documents
```

Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín tẹ fáìlì náà lórí fóònù tiwọn. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an. Bí ó bá ṣí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n yan Forward, ó parí. Bí kò bá ṣí fún àwọn náà, Forward kò lè ṣiṣẹ́, torí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́. Kí wọ́n wá ojúlówó rẹ̀ nínú ímeèlì wọn, tàbí kí wọ́n tún ìwé náà yà, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ bíi Document. Bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, àwọn lẹ́tà kéékèèké lè má ṣeé kà.

Ní kété tó bá dé, ẹ ṣí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.