Owó ìpè tó pòórá ní Sẹ̀mẹ̀

“Mi ò tíì kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ rárá tí owó ìpè mi fi tán. Dátà 5GB mi sì wà níbẹ̀ digbí. Kí ló jẹ ẹ́?”

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Fóònù yín ló ṣáájú yín kọjá. Ìgbì òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ kì í dúró níbi tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù na okùn sí. Bí tiwọn bá lágbára ju tiwa lọ níbi tí ẹ wà, fóònù lè so mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún ń ka owó sí tiyín lọ́rùn, tiyín sì ń yọ ọ́ lára owó ìpè yín ní iye rómíìn, ìyẹn lílo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ òkèèrè. Dátà tí ẹ rà sábà máa ń jẹ́ ti ilé nìkan, ìdí nìyẹn tí kò fi dín.

Lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ tó kúrò ní Badagry:

1. Ẹ pa “Data roaming”.
2. Ẹ wọ “Network operators”, ẹ pa “Automatic”, kí ẹ fọwọ́ yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ti Nàìjíríà.

Ẹ má fo ìkejì, torí àkọ́kọ́ kò dá ìpè dúró. Lórí rómíìn, ìpè tí wọ́n pè yín pàápàá sábà máa ń gbówó (“ṣé ẹ ti dé?” tí ará ilé ń bèèrè, ẹ̀yin lẹ ń sanwó ẹ̀). Tí ẹ bá wọ Kùtọnù tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ pátápátá; ẹ ra síìmù tiwọn.

Ẹ̀yin tí owó yín ń tán, ó ṣì sàn. Ẹni tó ń sanwó lópin oṣù ni kò ní mọ̀ títí bíìlì á fi dé.