Délítà sí sítáà nínú bíríìjì: orúkọ oríta ló ń ṣi èèyàn lọ́nà

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀fà ni mo ti ń kàwé, bíríìjì kan ló sì dá mi lágara. A sí B jẹ́ 20 òómù, A sí C jẹ́ 30, B sí C tó dábùú àárín jẹ́ 50, B sí D jẹ́ 30, C sí D jẹ́ 25. Bátìrì 26 fóòtì wà láàárín A àti D. Mo sọ délítà òkè di sítáà, mo rí 28.36 òómù. Ọ̀rẹ́ mi kò tiẹ̀ ṣe délítà kankan, ó rí 26.19. Olùkọ́ wa ní 26 ni ìdáhùn. Mo ti há fọ́múlà yìí sórí, kí ló dé tí tèmi fi jìnnà ju ti ẹni tí kò lò ó lọ? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ kárẹ́ǹtì tó ń gba inú 50 yẹn kọjá?*

Àbúrò, 28.36 yẹn gan-an ló tú àṣírí ibi tí o gbà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ND ní lẹ́ẹ̀sìnnì ìrọ̀lẹ́ ní Tanke, níbí ní Ìlọrin, bí mo bá sì ti rí irú iye báyìí nínú ìwé ẹnìkan, mi ò nílò kí n ka iṣẹ́ rẹ̀ tán. Fọ́múlà tí o há sórí kò ní àléébù. Orúkọ oríta ló pààrọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́: o fún A ní 10, o fún B ní 15, o fún C ní 6. Iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jókòó sí àyè tirẹ̀.

Gbàgbé R1, R2, R3 tí ìwé máa ń kọ, nítorí ìwé kan lè to nọ́ńbà wọn lọ́tọ̀, kí òmíràn to tiẹ̀ lọ́tọ̀. Fi ìka rẹ lé oríta A. Nínú onígun mẹ́ta A, B, C, ìyẹn délítà òkè, rẹ́sítọ̀ méjì ló fara kan ibẹ̀: 20 àti 30. Fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, kí o fi àpapọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín in. Èyí tí kò fara kan A, ìyẹn 50, ìsàlẹ̀ nìkan ló ti ní iṣẹ́. Gbé ìka rẹ lọ sí B, kí o ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà C. Iye mẹ́ta tó bá jáde ni apá mẹ́ta sítáà, tí wọ́n pàdé ní oríta tuntun kan láàárín.

```
RA = (20 × 30) / 100 = 6
RB = (20 × 50) / 100 = 10
RC = (30 × 50) / 100 = 15
```

Má tíì lọ síbi kankan. Ìhín yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sáré kọjá, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú kan péré ló gbà láti mọ̀ bóyá sítáà rẹ tọ́. Ká ní C dá wà, kò so mọ́ nǹkan kan. Nínú délítà, ọ̀nà méjì ló wà láti A dé B: o lè gba inú 20 tààrà, o sì lè yí gba ọ̀dọ̀ C, 30 pẹ̀lú 50, ìyẹn 80. 20 àti 80 tí wọ́n wà ní párálẹ́ẹ̀lì jẹ́ 16. Nínú sítáà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, 6 pẹ̀lú 10, òun náà 16. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún A àti C, wàá rí 21 ní ìhà méjèèjì. Fún B àti C, wàá rí 25. Ohun tí a ń pè ní ìdọ́gba délítà àti sítáà kò ju èyí lọ: ẹni tó wà níta, tó fi mítà kan oríta méjì èyíkéyìí, kò ní mọ èwo ló wà nínú. Inú ibẹ̀ sì ni fọ́múlà náà ti jáde. Wá fi tìrẹ wò ó: 10 pẹ̀lú 15 láàárín A àti B jẹ́ 25, níbi tí délítà ti sọ pé 16. Ìwé rẹ ìbá ti kígbe kí o tó dé ìsàlẹ̀.

Ìyókù kò le. Nígbà tí sítáà bá ti wọlé, àwọn 20, 30 àti 50 ti jáde nínú àwòrán pátápátá. Má ṣe fi 50 sílẹ̀ sáàárín bí mo ti rí i tí àwọn kan ṣe. Láti oríta tuntun tó wà láàárín, jẹ́ ká pè é ní N, apá kan gba B lọ sí D: 10 pẹ̀lú 30, 40. Apá kejì gba C: 15 pẹ̀lú 25, òun náà 40. Méjèèjì ní párálẹ́ẹ̀lì jẹ́ 20. Fi 6 tó wà láàárín A àti N kún un, ó di 26. Olùkọ́ yín tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ló dùn mọ́ mi jù. Ṣe ló gé 50 kúrò bí ẹni pé bíríìjì náà bára dọ́gba, ó wá fi 50 ẹ̀gbẹ́ òsì, ìyẹn 20 pẹ̀lú 30, sí párálẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú 55 ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bíríìjì kì í bára dọ́gba àyàfi tí ìsọdipúpọ̀ àwọn tó kọjú síra wọn bá jẹ́ iye kan náà. Níhìn-ín, 20 lọ́nà 25 jẹ́ 500, nígbà tí 30 lọ́nà 30 jẹ́ 900. Kò tilẹ̀ sún mọ́ra. Síbẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti olùkọ́ mu, ìdí rẹ̀ sì rèé: rẹ́sítọ̀ tó dábùú àárín bíríìjì kì í sábà mi àpapọ̀ púpọ̀. Bí o bá gé e pátápátá, àpapọ̀ jẹ́ 26.19. Bí o bá fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀, 20 àti 30 ní párálẹ́ẹ̀lì jẹ́ 12, 30 àti 25 jẹ́ 13.64, àpapọ̀ di 25.64. Iye yòówù kí o fi sáàárín, àpapọ̀ kò lè jáde kúrò láàárín 25.64 sí 26.19. Ṣe ìṣirò ààlà méjèèjì yìí ṣáájú kí o tó fọwọ́ kan délítà. Bí o bá ti ṣe é ni, ìwọ ìbá ti mọ̀ pé 28.36 kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé.

Kárẹ́ǹtì inú 50 wàyí. 26 fóòtì lórí 26 òómù, áńpù 1 ló ń jáde láti inú bátìrì. Nítorí pé apá méjèèjì jẹ́ 40, ó pín sí ààbọ̀ àti ààbọ̀. Ní B, 0.5 áńpù ń gba inú 30 lọ sí D, nítorí náà B ga ju D lọ ní 15 fóòtì. Ní C, 0.5 ń gba inú 25, nítorí náà C ga ní 12.5. Pa sítáà rẹ́ báyìí, kí o padà sínú àwòrán àkọ́kọ́, nítorí àwọn fóòtì orí B àti C kò yí padà. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2.5 fóòtì, pín in fún 50: 0.05 áńpù, láti B lọ sí C.

Ibí yìí ni èèyàn tún ti ń ṣubú. Wọ́n á rí 0.5 áńpù nínú apá 10 òómù ti sítáà, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló wà nínú 20 tó so A mọ́ B. Apá sítáà kì í ṣe rẹ́sítọ̀ rẹ kankan. Èyí tó wà nínú 20 ni 26 dín 15, ìyẹn 11, pín fún 20: 0.55 áńpù. Wò ó bó ṣe bára mu ní oríta B: 0.55 wọlé, 0.5 sọ̀ kalẹ̀ lọ sí D, 0.05 tó kù yà sọ́dọ̀ C.

Bí o bá fẹ́ fojú ara rẹ rí i, owó rẹ̀ kò pọ̀. Èmi ra rẹ́sítọ̀ 10k, 15k àti 100k ní òpópónà Táíwò, níbí ní Ìlọrin, ó tó. 10k méjì ní síríìsì ni 20k, 15k méjì ni 30k, 10k àti 15k ni 25k, 100k méjì ní párálẹ́ẹ̀lì ni 50k. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé sítáà náà tún jáde látinú wọn: 10k àti 15k ní párálẹ́ẹ̀lì jẹ́ 6k géérégé, apá B jẹ́ 10k, apá C jẹ́ 15k. Mo to délítà sórí bọ́ọ̀dù kan, mo to sítáà sórí èkejì, mo fi bátìrì 9 fóòtì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Má ṣe fi òómù mítà dá ẹjọ́ yìí o. Rẹ́sítọ̀ tó ní ìlà wúrà lè fi 5 nínú 100 yàtọ̀ sí iye tí wọ́n kọ sí i, ìyàtọ̀ láàárín 26 àti 26.19 kò sì tó 1 nínú 100. Ẹni tó bá wọn àpapọ̀ nìkan lè búra pé ọ̀rẹ́ rẹ ló gbà á. Fóòtì láàárín B àti C ni kí o wọ̀n. Bí bátìrì bá jẹ́ 9 gan-an (wọ̀n ọ́n kọ́kọ́, tuntun sábà máa ń lé díẹ̀), B yóò wà ní bíi 5.19, C ní 4.33, ìyàtọ̀ 0.87. Fa 50k yọ, ìyàtọ̀ náà á fò lọ sí 1.31. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí 5 nínú 100 lè fi bò. Lórí bọ́ọ̀dù sítáà, B àti C á fún ọ ní 5.19 àti 4.33 kan náà. N á fi bíi 6.92 hàn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí o máa fi ṣóńṣó mítà kàn lórí bọ́ọ̀dù délítà láti rí iye yẹn.

O lè lo délítà ìsàlẹ̀, B, C àti D, dípò tòkè. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 105, nítorí náà pọ́ńtì á kún ojú ìwé rẹ, ṣùgbọ́n 26 náà ni wàá bá jáde. Èmi máa ń kọ́kọ́ ṣe àròpọ̀ onígun mẹ́ta méjèèjì, mo sì máa ń mú èyí tó rọrùn láti pín. Bí o bá rí orúkọ Kennelly nínú ìwé kan, iṣẹ́ yìí kan náà ni; Arthur Kennelly ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1899.

Wo onígun mẹ́ta náà dáadáa kí o tó fọwọ́ kàn án. Bí bátìrì bá wà nínú ọ̀kan lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí tí wáyà kan bá yọ láti àárín ẹ̀gbẹ́ kan lọ síbòmíràn, fọ́múlà yìí kò bá a mu mọ́, nítorí oríta mẹ́ta péré àti rẹ́sítọ̀ nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Nírú ìyẹn, kọ ìdọ́gba kárẹ́ǹtì fún oríta kọ̀ọ̀kan.