"Àyà ń dùn mí": kí ni kí n sọ fún apòògùn ní Kutọnu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ń ta aṣọ ní Tákìé, mo sì ń múra láti lọ rajà ní Kutọnu. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ámílódípìnì ni mo ń lò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí àyà bá ń dùn mí, kí n sọ fún wọn nílé oògùn pé "j'ai mal au cœur", pé ìyẹn ti tó. Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni kí n tún mọ̀?

Ìdáhùn: Kò tó, kò sì tọ̀nà. Gbólóhùn yìí ni àwọn oníbàárà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń kọ́ ara wọn kiri, ó sì ń bí mi nínú, torí ẹni tó bá lò ó lọ́jọ́ tí àyà dì í mú gan-an lè bá a lọ.

Lóòótọ́, "cœur" ni ọkàn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó gbọ́ Faransé bá ní "j'ai mal au cœur", ohun tó ń wí ni pé èébì ń gbé òun. Ẹ wò ó báyìí: ẹ wọ ilé oògùn, òógùn ti bò yín, àyà ń fún yín pọ̀. Ẹ sọ ohun tí ọ̀rẹ́ yín kọ́ yín. Apòògùn bi yín pé "Vous avez vomi?", ìyẹn ni pé ṣé ẹ ti bì. Ẹ ò gbọ́ ohun tó sọ, ẹ sáà mi orí. Ó fún yín ní oògùn èébì, ẹ sanwó, ẹ padà sí yàrá yín lọ sùn. Apòògùn yẹn ò jẹ̀bi o, ohun tí ẹ sọ ló tọ́jú.

"J'ai mal à la poitrine" ni kí ẹ sọ. Ẹ pè é bíi "jé máàlì a la puatirínì". Lẹ́yìn náà, ẹ sọ bó ṣe ń ṣe yín, torí ibẹ̀ ni dókítà ti máa mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Bí àyà bá ń fún yín bíi kí wọ́n fi okùn dì í, "ça serre" ni (sa sẹ́ẹ̀rì). Bó bá ń jó yín, "ça brûle" (sa burúùlì). Bó bá ń gún yín, "ça pique" (sa píìkì). Àyà tó ń jóni lẹ́yìn oúnjẹ lè jẹ́ omi inú ikùn tó ń ru gòkè. Èyí tó ń fúnni, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí apá òsì, "dans le bras gauche" (dan lu bura góòṣì), tàbí tí èémí kò já gaara, "j'ai du mal à respirer", kì í ṣe ọ̀ràn ilé oògùn mọ́. Ẹ ní "l'hôpital, vite", kí ẹ wọ takisí. Bí wọ́n bá bi yín ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, "depuis ce matin" ni láti àárọ̀ yìí, "depuis deux jours" ni láti ọjọ́ méjì.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ní "je suis hypertendue". Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n fún yín, tí wọ́n ní "quinze neuf", 15/9, ẹ má pariwo pé ẹ̀jẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń kà á lọ́hùn-ún, mìlímítà làwa ń lò níbí. 150/90 tiwa ni wọ́n ń pè ní 15/9, ẹ sáà fi mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀.

Orí fífọ́ ni "mal à la tête", inú rírun ni "mal au ventre", òòyì ni "j'ai la tête qui tourne". Bí ara bá gbóná, ẹ ní "j'ai de la fièvre", kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ má sáré pè é ní "palu", bí wọ́n ṣe ń pe ibà ẹ̀fọn níbẹ̀, torí oògùn rẹ̀ ni wọ́n máa kó fún yín láìyẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Oògùn ni "médicament". Ẹ má pè é ní "drogue", ìyẹn jẹ mọ́ igbó àti kokéènì.

Mi ò rí yín, mi ò sì mọ àìsàn mìíràn tó wà lára yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà yín wọn ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó lọ. Ẹ kọ gbólóhùn àyà yẹn sórí bébà, torí ẹni tí àyà ń fún kì í rántí Faransé. Ẹ mú páálí oògùn yín dání, kí wọ́n lè ka "amlodipine" àti ìwọ̀n rẹ̀ fúnra wọn, nítorí orúkọ tí ilé-iṣẹ́ fún un lọ́hùn-ún lè yàtọ̀ sí tibí. Kí ẹ sì kó èyí tó máa tó yín lọ àti bọ̀ sínú báàgì ọwọ́ yín, kì í ṣe sínú ẹrù tí wọ́n máa dì sẹ́yìn mọ́tò.