Rìsíìtì tí kọ̀ǹpútà mi fi ránṣẹ́ lẹ́yìn mi

"Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ti ṣí àwọn lẹ́tà kan nínú Thunderbird tí mo fi ń ka ímeèlì, ìlà kan á yọ lókè, á ní ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ gbọ́ pé mo ti kà á. Ó ti sú mi. Ṣé kí n kúkú jẹ́ kó máa dá wọn lóhùn fúnra rẹ̀, àbí kí n ti í pa?"

Ẹ má jẹ́ kó máa dá ẹnikẹ́ni lóhùn fúnra rẹ̀ o. Owó ara mi ni mo fi kọ́ ọgbọ́n yìí.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe n'Íbàdàn. Nígbà tí ìlà yẹn sú èmi náà, mo yí gbogbo rẹ̀ sí Always send, ọkàn mi sì balẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, mo ń pa àwọn lẹ́tà ìpolówó rẹ́ kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá pa lẹ́tà kan rẹ́ nínú Thunderbird, á bọ́ sórí èyí tó kàn, á sì gbé e jáde nínú àyè ìsàlẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti ń hàn. Lẹ́tà tó gbé jáde gbẹ̀yìn jẹ́ ti oníbàárà kan tó ní ká dá ìwé ètò ìsìnkú 300 dúró, pé àwọn ẹbí ti sún ọjọ́. Èmi ò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ Sátidé, a tẹ gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo pè wọ́n ní Mọ́ńdè pé kí wọ́n wá kó ẹrù wọn, rìsíìtì tí kọ̀ǹpútà mi ti fi dá wọn lóhùn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi: mo ti ṣí lẹ́tà wọn ní 5:52 ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìdajì owó ni wọ́n san, ìyẹn náà sì jẹ́ nítorí pé a ti mọra tipẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ní ẹ̀rí lọ́wọ́ tí n ò mọ̀. Rìsíìtì tí Thunderbird ń kọ fúnra rẹ̀ sọ pé lẹ́tà náà hàn lójú kọ̀ǹpútà ni, pé kò dájú pé ẹni náà kà á tàbí pé ó yé e. Bí ẹ bá tún ṣí rìsíìtì náà, tí ẹ tẹ Ctrl+U, ẹ ó rí ìlà Disposition nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé èèyàn ló fọwọ́ tẹ bọ́tìnnì, MDN-sent-manually ló máa wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé sọ́fútíwià ló dá a ṣe, MDN-sent-automatically ni. Èyí kejì ló wà nínú tèmi, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti tán kí n tó mọ ibi tí wọ́n ń wò ó.

Ẹ lọ sí Settings, ẹ yan General, ẹ wá bọ́tìnnì Return Receipts níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìlà yẹn kúrò pátápátá, ẹ yan Never send a return receipt. Ẹni tó kọ lẹ́tà ò ní rí nǹkan kan gbà, kò sì ní mọ̀ pé ẹ kọ̀ ọ́. Èmi ò yan ìyẹn, torí àwọn oníbàárà kan wà tí ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ń fi ọkàn wọn balẹ̀. Allow return receipts for some messages ni mo yàn, ìbéèrè mẹ́ta ló sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́ ń béèrè nípa lẹ́tà tí orúkọ yín ò sí ní To tàbí Cc rẹ̀. Ẹ fi í sí Never send. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti àwọn tó ń fọ́n ìpolówó káàkiri, bí ẹ bá sì fún wọn lésì, ẹ ti sọ fún wọn pé ẹnì kan ń lo àdírẹ́sì náà. Èkejì ni ti ẹni tí kò sí nínú dóméènì yín. Ẹ ṣọ́ra níbí: ohun tó wà lẹ́yìn @ ló ń wò, nítorí náà bó bá jẹ́ gmail.com lẹ̀ ń lò, gbogbo ayé tó ń lo gmail.com ni yóò kà sí ará ilé yín! Mo fi òun àti ẹ̀kẹta, tó wà fún gbogbo lẹ́tà yòókù, sí Ask me.

Ìlà náà á ṣì máa yọ o, àmọ́ lẹ́ẹ̀kan péré lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó yọ, bóyá ẹ tẹ Ignore Request tàbí Send Receipt. Sọ́fútíwià máa ń fi àmì $MDNSent sórí lẹ́tà náà. Bó bá tún ń yọ nígbà tí ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà míràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé sáfà yín kì í tọ́jú àmì yẹn. Bí àkáǹtì yín bá sì ju ẹyọ kan lọ, Account Settings ní Return Receipts tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí ẹ ti lè yan Customize return receipts for this account. Mo ti pa ti àkáǹtì ilé mi pátápátá, ti ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń bi mí.

Ẹ rántí pé kíkọ̀ láti fi rìsíìtì ránṣẹ́ ò ní kí ẹlòmíì má mọ̀ pé ẹ ṣí lẹ́tà. Àwọn kan máa ń fi àwòrán tó kéré tí ojú ò lè rí sínú lẹ́tà, bó bá ti wọlé láti ọ̀dọ̀ sáfà wọn, wọ́n ti mọ̀. Thunderbird kì í jẹ́ kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wọlé àyàfi bí ẹ bá gbà á láàyè.

Ní ti iṣẹ́ tó bá ní owó nínú báyìí, n kì í tẹ Send Receipt mọ́. Mo máa ń kọ ìlà kan padà ni: "Mo ti rí i, a ti dá iṣẹ́ dúró."