“Ojú dípò ojú”: ṣé wọ́n ń yọ ojú lóòótọ́?

“Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ́kísódù 21:24 ní ‘ojú dípò ojú.’ Ṣé adájọ́ àwọn Júù máa ń yọ ojú èèyàn ni?”

Ẹ kú ìbéèrè. Rárá o, owó ìtanràn ni àwọn rábì ní kí wọ́n gbà. Ó wà nínú Míṣínà, àkójọ òfin wọn ti nǹkan bí ọdún 200 Sànmánì Kristẹni.

Ká ní ẹnì kan gé ọwọ́ ẹnì kejì. Adájọ́ á kọ́kọ́ béèrè pé: ká ní ẹrú ni ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ yìí lọ́jà, èló ni wọn ì bá rà á kí ọwọ́ tó gé, èló sì ni báyìí? Bó bá jẹ́ 100 tẹ́lẹ̀, tó wá di 60, gbèsè 40 nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹni tó gé e yóò san owó ìrora, owó ìtọ́jú, owó iṣẹ́ tó dúró àti owó ìtìjú.

Owó iṣẹ́ yẹn ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu: iye tí wọ́n ń san fún olùṣọ́ oko kùkúńbà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Wọ́n ti san owó ọwọ́ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí ọwọ́ kan ṣì lè ṣe ló kù.

Àmọ́ ọ̀ràn ìpalára nìkan nìyí o. Nọ́ńbà 35:31 kò gba owó lọ́wọ́ apààyàn, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn rábì dì mú: bí a bá ka owó léèwọ̀ fún ẹ̀mí nìkan, a jẹ́ pé ti ẹ̀yà ara ṣeé san.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló kọ́kọ́ fẹnu kò. Táámọ́dì, ìwé ńlá tí àwọn rábì fi ṣàlàyé Míṣínà, gbà pé Rábì Élíésérì ní ojú gidi ni, kí àwọn tó kù tó wá ọ̀nà túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.